Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọdún Mọ́kànlá

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò kì í fún ẹni tó ń lọ kàwé lókè òkun láyè. Àpótí wà lórí ìwọ̀n, àwọn àǹtí ń fi ọ̀rá wé ẹja gbígbẹ àti ata gígún, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ní pálọ̀, bàbá sì tún ń béèrè bóyá ìwé ìrìnnà ti wà nínú báàgì ọwọ́. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń jí àkókò díẹ̀ nínú gbọ́nmi-si-omi-ò-to yìí láti kọ lẹ́tà sí ara wọn. Kì í ṣe ẹni tí wọn yóò dà lọ́la ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ọmọdé tí wọ́n ti jẹ́ rí ni. Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní iléèwé girama, mo sì gbà pé ó yẹ ní kíkọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá mọ ohun tí lẹ́tà náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Àwọn àgbàlagbà ló sọ irú lẹ́tà yìí di ohun tí ayé mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Big Issue, ìwé ìròyìn tí àwọn tí kò rílé gbé ń tà lójú pópó, ti ń bá àwọn olókìkí ṣe é láti 2007: òṣèré, olórin tàbí olóṣèlú á sọ ohun tí ì bá wí fún ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ti sọdá odò ló ń sọ bí omi ṣe jìn tó, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbani nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ yóò gbéra lọ́la kò tíì sọdá ohunkóhun. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò yọrí sí rere, kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wálé. Bó bá wá jókòó tó ń gba ọmọdé àná nímọ̀ràn, ohun tí kò ní ló ń fi tọrẹ. Ohun tó ní lọ́wọ́ yàtọ̀. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, tí ọmọdé náà rí ṣùgbọ́n tí kò yé e. Ẹ̀rí ni lẹ́tà àṣálẹ́ ìrìn àjò lè jẹ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní Ìbàdàn gba àyè ní yunifásítì kan ní Mańṣẹ́sítà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ kún ojú ewé méjì. Ó ní kí ọmọdé náà má bẹ̀rù, kó máa kàwé rẹ̀, kó yẹra fún ẹgbẹ́ burúkú, kó gbà pé gbogbo rẹ̀ yóò dára. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí òun náà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè, mo ní kó tún un kà, kó sọ fún mi bóyá ọmọ aládùúgbò kò lè gba lẹ́tà kan náà. Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ lẹ́tà tí kò ì tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nìyẹn. Àmì kejì ni pé kéèyàn ka iye ìgbà tí «má ṣe» àti «rí i pé» jẹ yọ. Bí wọ́n bá ti pọ̀, ìwàásù ló ń lọ.

Mo wá bi í ní ìbéèrè méjì. Ọmọ ọdún mélòó lò ń bá sọ̀rọ̀? Ọjọ́ wo? Mi ò fẹ́ kó dáhùn pé «nígbà tí mo wà ní kékeré», nítorí kékeré kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ronú títí, ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ kan nínú ọlidé, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá òun ní ọjà Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà. Mo tún béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é lọ́jọ́ náà. Ó ní oríkì òun ni, Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tí wọn kò fi sínú ìwé ìrìnnà. Ìgbà tó fi Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ó gbà mí láyè kí n tẹ apá kan jáde:

«Àbẹ̀kẹ́, o jókòó lórí páálí ọṣẹ, o ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà olóyin. Inú ń bí ọ. Bàtà iléèwé rẹ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò rẹ ń yọjú, Màmá sì ní kò tíì sówó. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, alájọ dé. Màmá tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó, alájọ fi bírò fa ìlà sínú àpótí kan lára káàdì, ó lọ. O sọ nínú ara rẹ pé Màmá fẹ́ràn ọkùnrin yẹn jù ọ́ lọ. Ìgbà tí oníbàárà tó kàn dé, o kò bu èènì sí kóńgò rẹ̀. Màmá rí ọ. Kò bá ọ wí, ó kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí i.

«Mo ti rí káàdì yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Òun àti àwọn tó kù wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àkọ́kọ́ jẹ́ ti alájọ, ìyókù jẹ́ tiwa. Owó ìdánwò mi tibẹ̀ jáde. Owó lẹ́sìnnì tibẹ̀ jáde. Nígbà tí ó wá kan ti físà, ó ní láti wà ní báńkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn páànù ilé ìdáná ṣí, òjò ń rọ̀ sórí sítóòfù. Bàbá gbé agbada síbẹ̀ láti gbe omi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ báńkì.

«Mi ò lè sọ fún ọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, mi ò tíì débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ibi tí owó bàtà rẹ lọ.»

Ẹni tí kò bá tíì gba físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ bí ìpínrọ̀ kejì yẹn ṣe wúwo tó. Òfin wọn ni pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù láti san àti owó oúnjẹ òun ilé gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ fún ọjọ́ kan péré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: wọn yóò ka ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àkáǹtì bá jẹ́ ti òbí, ọmọ yóò fi ìwé ìbí hàn pẹ̀lú lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí pé òun gbà kí ó ná owó náà. Gbogbo ìdílé ló máa ń gbé ọjọ́ 28 yẹn bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn ọmọ tó ń kọ lẹ́tà kì í sábà fi èyí síbẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Èmi kà á sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó yẹ jù ní kíkọ, torí bó bá pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n bá ti dé ọ̀hún, iye owó nìkan ni wọn yóò máa rántí. Páànù tó ṣí yóò ti lọ lọ́kàn wọn.

Ohun kan tó kọ́kọ́ wà nínú lẹ́tà náà tí ó yọ kúrò ni ìlérí. Ó ti kọ ọ́ pé láàárín ọdún kan òun yóò kọ́lé fún ìyá òun. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba dìgírì níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti rí owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ìlérí tí a bá kọ sílẹ̀ ká tó mọ iye tí nǹkan jẹ́ á máa tọ ọmọ lẹ́yìn bí gbèsè. Mo ti rí àwọn tí kò lè pe ilé lórí fóònù mọ́ nítorí irú rẹ̀.

Kí a fojú sí ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe àrà tuntun láàárín wa. Ní 1837, ní Sàró, Samuel Àjàyí Crowther kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ní Lọ́ńdọ̀nù nípa bí wọ́n ṣe kó òun lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọdékùnrin. Ìrìn àjò tirẹ̀ kì í ṣe ti ìfẹ́ inú, kò sì ṣeé fi wé ti ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà: òwúrọ̀ ni, oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná, kò sẹ́ni tó fura. Oúnjẹ tí wọn kò rí jẹ yẹn ló ń mú kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ilé ni wọ́n ti mú ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà. Kò yẹ kí alẹ́ ìkẹyìn jẹ́ alẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 1990 lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Wọ́n ní kí apá kan lára wọn kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an nípa wíwá sí ilé-ẹ̀kọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kí ìyókù kọ nípa nǹkan tí kò kàn wọ́n lọ́kàn. Àwọn tó kọ tọkàntọkàn kò lọ rí dókítà tó àwọn yòókù ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àárò ilé àti àníyàn tiwọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe lẹ́tà sí ọmọdé ni wọ́n kọ, nítorí náà mi ò ní fi ìwádìí yẹn búra fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta náà, àti pé kí ẹkún má dẹ́rù ba ẹni tó ń kọ ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, kí alẹ́ ìkẹyìn wà fún àdàkọ tó mọ́ nìkan. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jẹ́ ibi ìyà kò sì gbọ́dọ̀ fi tipátipá padà sí ọjọ́ tó burú jù. Kó mú ọjọ́ mìíràn, tàbí kó jẹ́ kí ó lọ.

Èdè tí a ó fi kọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè kẹ́yìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọwọ́ wọn mọ́ nínú ìwé, ọmọbìnrin yìí náà sì fẹ́ fi kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń dá oníbàárà lóhùn, ó dúró, nítorí obìnrin tó wà lórí ìwé náà kò dún bí ìyá rẹ̀ mọ́. Mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù ní Yorùbá bó ṣe ń sọ ọ́ nílé, kó wá máa gbọ́ ọ, kó máa kọ ọ́. Kò mọ àmì ohùn fi sí i dáadáa, èmi ni mo bá a tún un ṣe fún ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀dà tó mú lọ kò ní àmì kankan lórí, ó sì kà á já geere.