Bí A Ṣe Gbé Òkè Láńgbòdó Sórí Tábìlì

Nígbà àkọ́kọ́ tí a ta eré wa, ẹni tó mú káàdì Kàkó ló jẹ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi dé Òkè Láńgbòdó. Ó fi àwa mẹ́ta yòókù sílẹ̀ nínú igbó, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń wòran wá béèrè pé, "Ṣé lúdò kọ́ nìyí?" Ojú tì wá, nítorí òótọ́ ló sọ.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ni ìwé tí a fẹ́ sọ di eré. A ya iwin sórí pátákó, a kọ orúkọ àwọn ọdẹ sára káàdì. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé kí kálukú ju dáìsì, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ jẹ. Ìrìn àjò inú ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, wọ́n sì nílò ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbòdó, ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Àwòrán wa jẹ́ ti Fágúnwà, àmọ́ ìwà tí òfin wa ń kọ́ni ni ìmọtara-ẹni-nìkan.

Ibẹ̀ la ti rí i pé kókó ìwé kì í gbé inú àwòrán. Inú ohun tí òfin mú kí èèyàn ṣe, àti ohun tí yóò ná an, ló ń gbé. Reiner Knizia, ará Jámánì, ti fi èyí hàn ní 2000 nígbà tó sọ ìwé J. R. R. Tolkien di eré: gbogbo àwọn tó ń ta á ló jọ ń jẹ, wọ́n sì jọ ń pàdánù.

A ju dáìsì nù. Èèyàn mẹ́rin ni yóò pín ọdẹ méje láàárín ara wọn, òkúta kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò sì máa tì síwájú. Owó ẹyọ 10 wà láàárín tábìlì. Bó bá tán, gbogbo wọn ti kú sínú igbó. Ewu mẹ́fà wà lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè ẹ̀bùn ọdẹ méjì. Bí àpẹẹrẹ, Ìlú Àwọn Ẹyẹ fẹ́ ọfà àti orin. Bí ẹ̀bùn kan bá dín, owó ẹyọ 3 lọ. Káàdì tí wọ́n bá ti lò yóò dojú bolẹ̀, ẹni tó ni ín kò sì lè gbé e dìde fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò yááfì ìgbà tirẹ̀, tí yóò san owó ẹyọ 1, kí ọdẹ náà tó lè sinmi, kó sì tún wúlò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ewu mẹ́fà yóò béèrè ẹ̀bùn 12, ọdẹ 7 péré ló sì wà. Nítorí náà, bí ó ti wù kí wọ́n gbọ́n tó, wọn yóò gbé ara wọn dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kéré tán. Owó ẹyọ 5 ló kù fún ìpadàbọ̀.

Ìpadàbọ̀ ni ibi tí ẹ̀kọ́ Ìrágbèje ti wọlé. Ní Láńgbòdó, wọn yóò ka káàdì ẹ̀kọ́ méje sókè lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì dà á délẹ̀. Ìṣòro mẹ́ta wà lọ́nà ilé, tí agbára kankan kò ràn. Ẹni tí ó kàn gbọ́dọ̀ rántí ẹ̀kọ́ kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì ṣàlàyé bó ṣe bá ìṣòro náà mu. Bí kò bá rántí, owó ẹyọ 2 lọ. Wọ́n lè gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n ṣì délé. Ẹ̀ẹ̀kẹta yóò pa wọ́n. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀.

Láti mọ̀ bóyá kókó náà wà láàyè, a fi ìwé funfun bo gbogbo àwòrán, a yọ orúkọ kúrò, a sì pe àwọn ọmọ ọdún kejì tí kò tíì ka ìwé náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ta á tán, a bi wọ́n pé kí ni eré náà ń sọ. Ọ̀kan dáhùn pé, "Kò sẹ́ni tó lè gbé ara rẹ̀ dìde." Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a tíì gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú eré àkọ́kọ́, a kò gbà á rárá.

Ìṣòro méjì ṣì ń bá wa fínra. Bí ẹnì kan bá mọ eré náà jù, òun ni yóò máa pàṣẹ, àwọn tó kù yóò sì di ọwọ́ rẹ̀ lásán. A ń dán an wò báyìí pé kí ọ̀rọ̀ má jáde lẹ́nu ẹni tí ìgbà kò kàn. Ìkejì ni òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé. Fágúnwà kú ní 1963, òfin ọdún 2022 ilẹ̀ wa sì fi 70 ọdún kún un, èyí tó jẹ́ ìparí 2033. Nítorí náà, a kò lè tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà. Títí dìgbà náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a fi páálí bisikíìtì ṣe wà nínú yàrá wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta á, kó mú ẹni mẹ́ta dání.