Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, Owó Kọ́ṣọ̀n Mi Dà?

Ṣé ọ̀dà ilé tó ṣá lẹ́yìn ọdún 3, ayálégbé ló bà á jẹ́? Ohun tí ìyá aránṣọ kan ní Muṣin kọ̀wé bi lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó kó jáde tí bàbá dá N14,000 péré padà nínú owó kọ́ṣọ̀n N100,000. Bàbá ti yọ N40,000 fún ọ̀dà, N25,000 fún sílíǹgì, N15,000 fún sìǹkì àti N6,000 fún gíláàsì fèrèsé.

Ìyá yìí ò jà, kò ṣépè. Bírò ló mú: “Ẹ kú ilé o, bàbá. Gíláàsì yẹn, ọmọ mi ló fọ́ ọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n páànù yín tó ń jò ló ba sílíǹgì jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì wá sọ fún yín. Sìǹkì ti sán kí n tó wọlé, ejẹ́ǹtì yín rí i. N80,000 mi ló kù, ẹ jọ̀ọ́, láàárín ọjọ́ 14.”

Òfin ayálégbé tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 gbè é lẹ́yìn: gbígbó tí ilé ń gbó fúnra rẹ̀ kò sí lọ́rùn ayálégbé. Ó tún ní kí onílé kọ rìsíìtì owó bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì máa kọ bó ṣe ń ná an sílẹ̀ fún ayálégbé, ó pẹ́ tán, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bàbá ò kọ ọ́ rí.

Sìǹkì nìkan ló le. Ìyá ò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, ejẹ́ǹtì ló kù tó lè jẹ́rìí, ọwọ́ bàbá ni ejẹ́ǹtì ọ̀hún sì ti ń jẹun!