Ta ló kú, ta ló kù: bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ayé aláìsàn nínú èsì ìwádìí ìṣègùn

Bí àwọn oníṣègùn bá tẹ̀lé agbo aláìsàn kan fún ìgbà pípẹ́, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ẹ́ mọ̀ ni iye àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó ká kàn yọ iye òkú kúrò nínú iye gbogbo wọn. Ìwádìí kan tí Loprinzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994 fi èyí hàn. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 228 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti wọra wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R, orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni `lung`.

Nínú àwọn 228 yìí, 165 kú. Àwọn 63 yòókù ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n gbúròó wọn kẹ́yìn. Láàárín ọdún kan àkọ́kọ́, 121 ló kú. Ẹni tó bá yọ 121 kúrò nínú 228 yóò sọ pé 107, ìyẹn 47 nínú ọgọ́rùn-ún, ló rí ẹ̀yìn ọdún náà. Irọ́ ni ìṣirò yẹn. Àwọn 65 péré ni wọ́n ṣì ń tẹ̀lé nígbà tí ọdún pé. Àwọn 42 yòókù ti kúrò lójú ìwé ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Èrò ọkọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù kò ṣeé kà mọ́ àwọn tó gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n jíjù wọ́n nù pátápátá kò dára. Bí wọ́n bá ka kìkì àwọn tó kú, ọjọ́ tí ìdajì wọn fi kú yóò jẹ́ 226. Bí wọ́n bá ka gbogbo wọn bó ṣe yẹ, ọjọ́ 310 ni.

Kaplan àti Meier ló fi ọ̀nà tó tọ́ lélẹ̀ lọ́dún 1958. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá kú, wọn yóò wo iye tí wọ́n ṣì ń tẹ̀lé lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan kú nínú 228: àwọn tó kù jẹ́ 227/228. Ní ọjọ́ kọkànlá, ẹni mẹ́ta kú nínú 227: èyí jẹ́ 224/227. Wọn yóò sọ méjèèjì di púpọ̀, wọn yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn kò rí mọ́ yóò wà nínú ìṣirò títí di ọjọ́ tí wọ́n gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó jáde fún ọdún kan ni 41 nínú ọgọ́rùn-ún, ààlà rẹ̀ sì wà láàárín 34.5 àti 48.6.

Bí àtẹ̀gùn ni ìlà náà ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwòrán. Ó yẹ kí wọ́n kọ iye àwọn tí wọ́n ṣì ń tẹ̀lé sí abẹ́ rẹ̀, torí pé lápá ìparí, ikú ẹnì kan ṣoṣo lè já ìlà náà wálẹ̀ gan-an. Òǹkàwé kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìrù ìlà tí èèyàn mẹ́ta péré kù sí.

Ìfiwéra ewu ló kàn, èyí tí Cox fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1972. Nínú agbo yìí, 112 kú nínú ọkùnrin 138. 53 kú nínú obìnrin 90. Ìdajì àwọn ọkùnrin ti kú ní ọjọ́ 270, ti obìnrin sì jẹ́ ọjọ́ 426. Ìfiwéra ewu obìnrin sí ti ọkùnrin jẹ́ 0.59, ààlà rẹ̀ láti 0.42 sí 0.82. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ yòówù, láàárín àwọn tó ṣì wà láàyè, bí ikú ṣe ń yára mú obìnrin kò ju 59 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọkùnrin lọ. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀mí obìnrin fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún gùn jù. Ọjọ́ 426 fi nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún ju 270 lọ.

Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó fi ṣe òṣùwọ̀n, torí bí wọ́n bá yí i padà, 0.59 yóò di 1.70. Ó tún yẹ kó sọ ohun tó gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ro ọjọ́ orí àti bí ara aláìsàn ṣe le tó mọ́ ọn, ó di 0.58, láàárín 0.41 àti 0.80, fún èèyàn 227, torí pé àkọsílẹ̀ ẹnì kan kò pé.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí gbà pé ìyàtọ̀ ewu náà kò yí padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ìlà méjèèjì bá gba orí ara wọn kọjá, ó lè ṣini lọ́nà. Ó sàn kí wọ́n kọ iye tó wà láàyè ní oṣù mẹ́fà àti ní ọdún kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níhìn-ín, lẹ́yìn ọdún kan, 53 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ló kù, 34 ló kù nínú ọkùnrin. Ẹni tó bá rí ìfiwéra ewu nínú ìròyìn láìrí irú iye bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó.