Yíyẹ Ìbátan Nọ́ńbà Wò

Ká mú 1, 2 àti 3, pẹ̀lú àkójọ yìí: (1,1), (2,2), (3,3), (1,2), (2,3).

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá ara rẹ̀ tan. Bí (3,3) nìkan bá sọnù, àbùdá yìí ti bàjẹ́. (1,2) wà, (2,1) kò sí, nítorí náà ìbátan náà kì í ṣe alálọbọ̀. Kò sì sí nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lọ tó tún bọ̀, ìyẹn ni pé ó jẹ́ aláìlálọbọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé méjèèjì yìí tako ara wọn. Rárá o: bó bá ku (1,1), (2,2) àti (3,3) nìkan, méjèèjì bá a mu.

Ìtàtaré ló ń tan ojú jẹ jù. 1 dé 2, 2 dé 3, (1,3) gbọ́dọ̀ wà. Kò sí, ó kùnà. Bí a bá fi kún un, àkójọ náà di ≤ gan-an.