Súdókù Tó Kún Lè Má Pé

Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà dí gbogbo ojú 81 tó wà nínú Súdókù á fẹ́ ju bírò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkún lọ́tọ̀, pípé lọ́tọ̀. Òfin eré náà ni pé nọ́ńbà kan, láti 1 dé 9, kò gbọdọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà ìbú kan, lórí ìlà òòró kan, tàbí nínú àpótí olójú mẹ́sàn-án kan. Ìlà ìbú jẹ́ 9, ìlà òòró 9, àpótí 9. Ibi 27 la ó yẹ̀ wò nìyẹn.

Àpótí làwọn èèyàn sábà máa ń fò. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí sórí bébà:

1 2 3 4 5 6 7 8 9
2 3 4 5 6 7 8 9 1
3 4 5 6 7 8 9 1 2

Tí ẹ bá ń sún un bẹ́ẹ̀ títí dé ìlà kẹsàn-án, ẹ ò ní rí àtúnwí kankan ní ìbú tàbí ní òòró. Àmọ́ ẹ wo àpótí òkè lápá òsì: 3 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 2 àti 4 lẹ́ẹ̀mejì-méjì, bẹ́ẹ̀ ni 6, 7, 8 àti 9 ò sí níbẹ̀ rárá. Súdókù yẹn ti bàjẹ́.

Àwọn mìíràn máa ń ro ìlà pọ̀, torí pé 1 dé 9 jẹ́ 45. Bí àròpọ̀ ò bá pé 45, àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 1, 2, 3, 5, 5, 5, 7, 8, 9 náà jẹ́ 45, bẹ́ẹ̀ 4 àti 6 ò sí níbẹ̀.

Ohun tó dájú ni kí ẹ kọ 1 dé 9 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa fagi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń rí i. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fagi lé lẹ́ẹ̀kejì ni àtúnwí. Bí kò bá sí àtúnwí nínú ojú mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó sọnù.

Ká ní 7 méjì wà lórí ìlà ìbú kẹrin, tí 7 méjì tún wà lórí ìlà òòró kejì. Bí 7 bá wà ní ojú tí ìlà méjèèjì ti pàdé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ 4 ló sọnù lórí ìlà méjèèjì àti nínú àpótí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 4 lẹ fẹ́ kọ. Àmọ́ bí àtúnwí bá pọ̀ káàkiri, àṣìṣe ti wọlé tipẹ́. Ó sàn kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà láìyí padà. Bí ẹ bá ti yí ẹyọ kan nínú wọn, kì í ṣe Súdókù tí wọ́n fún yín lẹ yanjú.