Ohun Tó Ń Jó Mọ́tò Sọ́míìlì

Mọ́tò tó ń yí ayùn ní sọ́míìlì lè jó láìjẹ́ pé igi wúwo jù fún un. Wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ń wé kọ́ìlì, á tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí òórùn kọ́ìlì jíjó á tún dé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, iná tó ń wọlé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Fésì kan péré ni ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò ń lò. Bí wọ́n bá rọ́ jọ sórí ẹyọ kan lára fésì mẹ́ta, fólítì rẹ̀ á wálẹ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ.

Fésì mẹ́ta tó dọ́gba ń dá agbára máńgínẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ tó ń yí po nínú mọ́tò, òun ló ń wọ́ irin àárín lọ. Bí wọn kò bá dọ́gba, agbára kékeré kejì á yọjú tó ń yí sẹ́yìn. Irin àárín ń sáré pàdé èyí ni, kọ́ìlì kò sì lè dènà iná tó ń fà ju bó ṣe ń ṣe nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, ìgbà tó máa ń fa iná jù. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ní fólítì fi lè di mẹ́fà sí mẹ́wàá ní áńpìà. Agbára ẹ̀yìn yìí kò bá ẹnikẹ́ni la igi. Ooru ló ń dá sílẹ̀.

Kí oníṣẹ́ iná wọn fólítì nígbà tí ayùn ń la igi lọ́wọ́, láàárín fésì sí fésì, níbi tí wáyà ti wọ mọ́tò. Ká ní ó rí 412, 401 àti 387. Àpapọ̀ wọn 1,200. Pín in sí mẹ́ta, ó di 400. Èyí tó jìnnà sí 400 jù ni 387, ó fi 13 dín. Pín 13 fún 400, sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 3.25. Ẹni tó bá yọ 387 kúrò nínú 412 ti ṣìṣirò.

Òṣùwọ̀n NEMA ti Amẹ́ríkà fẹ́ kó má ju 1 lọ, kò sì fẹ́ kí a lo mọ́tò rárá bó bá ju 5 lọ. Bó bá ti dé 3, kí a dín iṣẹ́ mọ́tò kù sí nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Láti fojú bu ooru, sọ 3.25 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí o tún fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀: nǹkan bí 21. Mọ́tò tó máa ń fi 80 digirí gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ á wá fi bí 97 gbóná. Àwọn oníṣẹ́ mọ́tò sì gbà pé digirí mẹ́wàá tó bá lé ń gé ẹ̀mí ìdábòbò kọ́ìlì sí ìdajì.

Bóyá mọ́tò ló ṣẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi mítà tó ń gbá wáyà mú wo áńpìà. Ẹ pa iná pátápátá, kí ẹ sún wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí mọ́tò má baà yí sẹ́yìn, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí áńpìà tó ga jù bá dúró sórí fésì tó wà tẹ́lẹ̀, iná ló ṣẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé kọ́ìlì, mọ́tò ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wọn fólítì kó tó wọ kọntákítọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, torí ojú kọntákítọ̀ tó ti jó nìkan lè fa gbogbo wàhálà yìí.