Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí Nínú Ìwé Ìfiṣẹ́lélẹ̀

Bí àsìkò olórí ẹ̀ka ìmọ̀ kan bá pé ní yunifásítì wa, ó yẹ kó kọ ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì parí ló máa ń le jù láti kọ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á kàn kọ ọ́ pé: "Èsì ìdánwò ń lọ lọ́wọ́." Ẹni tó kà á kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ló sàn jù: "Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti fọwọ́ sí èsì àwọn àṣekágbá, àfi kọ́ọ̀sì kan tí máàkì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ó gbọ́dọ̀ dé kí ìgbìmọ̀ fákọ́tì tó jókòó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì kò ní dé Sẹ́néètì lásìkò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù ìpele agùnbánirọ̀ tó kàn."

Ní ti àwọn tí a ń kàn sí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó. Kọ ipò onítọ̀hún àti ohun tó ń bójú tó. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, ipò náà ni arọ́pò rẹ yóò fi wá ẹni tó gba iṣẹ́ náà.